Àbá fún ìpolówó àkọ́kọ́ tí iléèwé yín máa sanwó fún: ìgbàwọlé oṣù Kẹsàn-án 2026

Sùúrùlérè, Èkó
Ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, 2026

Alhaja,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Dàmọ́lá ni orúkọ mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá oníṣòwò àti oníléèwé ra ààyè ìpolówó lórí Fesibúùkù àti Íńsítágíráàmù, kí n sì máa ṣọ́ owó náà lójoojúmọ́. Mo rí báńà ìgbàwọlé tó wà lára ògiri yín ní Agúdà. Àwọn tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá nìkan ló ń kà á. Àbá mi ni kí a fi ọ̀sẹ̀ 10 mú un dé ọwọ́ àwọn òbí tó ń gbé nítòsí, láti Mọ́ńdè ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà títí di Sọ́ńdè ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ.

Kí a tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ ká tún ẹnu ọ̀nà ṣe. Nọ́ńbà tó wà lára báńà yín yàtọ̀ sí èyí tó wà lójú ewé Fesibúùkù yín, èyí tó wà lójú ewé ọ̀hún ò sì wọlé. Lórí máàpù Gúgù, òpópónà kejì ni wọ́n fi yín sí. Ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe méjèèjì. Ẹ ra síìmù kan tí kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn, kí a fi Wasáàpù oníṣòwò sí i, kí nọ́ńbà náà sì di ti gbogbo ibi tí orúkọ yín bá wà.

Ta ni yóò máa dáhùn síìmù yẹn? Ibí gan-an ni owó ìpolówó iléèwé ti sábà máa ń ṣòfò. Lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́, ni òbí máa ń jókòó ti fóònù rẹ̀. Ó lè kọ̀wé sí iléèwé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dá a lóhùn ni yóò lọ wò. Bí fóònù bá wà nínú dúrọ́ọ̀ akọ̀wé owó láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ti sanwó fún ẹni tí iléèwé mìíràn máa gbà. Mo fẹ́ kí ẹ yan olùkọ́ kan tí yóò mú un lọ sílé, kí ẹ sì fún un ní owó dátà àti nǹkan díẹ̀ lóṣù. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni yóò máa bi ẹni tó bá kọ̀wé: ọmọ ọdún mélòó ni, àdúgbò wo lẹ ń gbé, ọjọ́ wo lẹ lè wá wò wá, Tọ́sìdè tàbí Sátidé? Kó má fi ìwé ìpolówó olójú ewé mẹ́jọ ránṣẹ́ kó sì dákẹ́.

Ti oṣù Kẹjọ náà wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni òbí ń wá iléèwé kiri, ìgbà yẹn náà ni kíláàsì ṣófo tí ìlẹ̀kùn wà ní títì. Òbí tó bá wọ ọkọ̀ wá tó jẹ́ ọlọ́dẹ nìkan ló bá ní géètì kò ní padà wá. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì Nọ́sìrì 1 kan wà ní ṣíṣí, tí a ti tò tán, kí ẹnì kan tó lè sọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀.

Ìpolówó náà fúnra rẹ̀ kò le. A ó fi àmì sí iléèwé yín lórí máàpù, a ó sì ya òbìrí kilómítà 4 yí i ká: Agúdà, Ìjẹ̀ṣà, Ìtìrẹ́, Lawanson, Màṣà, Ojúẹlẹ́gba. Ads Manager, ibi tí Fesibúùkù ti ń jẹ́ kí ènìyàn fara balẹ̀ ṣètò ìpolówó, ni a ó lò, kì í ṣe bọ́tìnnì Boost post. Bí a bá fi sí gbogbo Èkó, ará Ìkòròdù àti Ajah á máa kọ̀wé sí yín, inú yín á dùn sí iye ìpè, ọmọ kankan ò sì ní wọlé. Òbìrí yìí kò mọ gòsílóò o, ó sì tún máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn wá rajà ní Adéníran Ògúnsànyà, ìdí nìyẹn tí a fi ń bèèrè àdúgbò.

Oríṣi mẹ́ta la máa gbé jáde. Àkọ́kọ́ ni fídíò ìṣẹ́jú àáyá 30, ní òòró, níbi tí olùkọ́ Nọ́sìrì ti ń kọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣí ohùn. Èkejì ni àwòrán tó sọ owó iléèwé, ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà àti aago tí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ń parí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oníléèwé kì í fẹ́ kọ owó síta. Ẹ kọ ọ́. Ẹni tí kò ní lágbára rẹ̀ kò ní gba àkókò olùkọ́ yín. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yin fúnra yín, lẹ́nu géètì, ẹ ń bá òbí sọ̀rọ̀. Ìpolówó Nọ́sìrì àti ti Prámárì á ní ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí yóò ti wà nínú Wasáàpù ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, kí a lè mọ èyí tó mú un wá.

Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá fọwọ́ síwèé kò ní jókòó níwájú kámẹ́rà. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni ti 2023 béèrè ìfọwọ́sí òbí. Òfin ti 2022 tó dá ARCON sílẹ̀, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà, náà ní kí wọ́n yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, ti orí ayélujára kò yọ sílẹ̀. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí a ya fídíò kí oṣù Karùn-ún tó parí.

Owó rèé. Ìpolówó, 600,000 náírà: 5,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 14, 7,500 fún ọjọ́ 28, 10,000 fún ọjọ́ 28 ìkẹyìn, 40,000 tó ṣẹ́ kù á lọ sórí èyí tó bá ṣe dáadáa jù. Owó orí ọjà, ìdá 7.5 nínú 100, jẹ́ 45,000. Fídíò àti àwòrán, 55,000. Owó iṣẹ́ tèmi, 180,000. Àpapọ̀ 880,000. Owó àyẹ̀wò ARCON kò sí nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa san án fún wọn tààrà.

Owó iléèwé yín jẹ́ 190,000 ní táàmù kan, 570,000 lọ́dún. Bí ìdajì rẹ̀ bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó oṣù olùkọ́ àti dísẹ̀lì, ọmọ mẹ́rin ló máa dá owó yín padà lọ́dún kan. Mẹ́ta fi 25,000 dín. Ọmọ 10 ni mo fojú sí, àmọ́ mi ò ní fi í ṣe ìlérí. Mo fi ojú bù ú pé ẹni 100 tó bèèrè ní tòótọ́ á mú 25 wá wò yín, kí 10 sì sanwó. Ìyẹn ni pé ìbéèrè gidi kan kò gbọdọ̀ ná wa ju 6,000 lọ. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ olùkọ́ àti ẹni tó fẹ́ ta aṣọ iléèwé fún yín kò sí nínú kíkà o. Bí ọjọ́ 14 àkọ́kọ́ bá pé tí 70,000 ti lọ, tí ìbéèrè gidi kò tó 12, a ó dúró, a ó pààrọ̀ fídíò. Kí ọjọ́ 14 tó pé, ẹ má jẹ́ ká máa fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́, nítorí bí a bá yí i padà gan-an, ẹ̀rọ wọn lè tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ láti kọ́ ẹni tó yẹ kó fi ìpolówó náà hàn.

Orúkọ iléèwé ni a ó fi ṣí akántì ìpolówó, náírà ni a ó yàn, káàdì iléèwé ni yóò máa san. Ẹ má fún mi ní ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Ẹ ó kàn fún mi láàyè láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ sì lè yọ mí nígbà tó bá wù yín, gbogbo ìtàn akántì náà á ṣì jẹ́ tiyín. Gbogbo Fúráìdè ni ẹ ó máa gba ìròyìn lórí Wasáàpù: iye tó lọ, iye tó bèèrè, iye tó wá, iye tó sanwó.

Ìdajì owó iṣẹ́ mi ni mo ń gbà kí a tó bẹ̀rẹ̀, ìyókù lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹjọ. Bí àbá yìí bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dá mi lóhùn kí ọjọ́ 18 oṣù yìí tó kọjá, lórí nọ́ńbà tí mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo bá wá, màá fẹ́ rí síìmù tuntun náà, olùkọ́ tí yóò máa dáhùn, àti iye ààyè tó ṣẹ́ kù ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Dàmọ́lá