Èsì Aládàáṣe: Mo Ti Lọ Lífù O, Ẹ Má Wá Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ímeèlì yín ti dé, ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ti jáde. Láti ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Keje 2026, títí di ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù Kẹjọ, mo wà ní lífù. Ó di ọjọ́ Ajé, 31 oṣù Kẹjọ, kí n tó jókòó sídìí tábìlì yẹn. Lífù ọdún yìí ni, pẹ̀lú ti èṣí, pẹ̀lú èyí tó ṣẹ́ kù lára ti 2024 tí wọ́n ní kí n ṣì ní sùúrù sí nígbà tí àwọn ọ̀dítọ̀ dé. Mo ti ní sùúrù. Ọ̀gá àgbà ti fọwọ́ sí i, ẹ̀dà ìwé náà sì wà lára ògiri lẹ́yìn àga mi fún ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Ìwé ìṣirò ọdún 2025 ti tán, àwọn ọ̀dítọ̀ ti fọwọ́ sí i, owó orí ilé-iṣẹ́ sì ti wọlé kí 30 oṣù Kẹfà tó pé. Mo ti fi ọ̀pọ̀ alẹ́ jókòó ti ìwé yẹn nígbà tí gbogbo Ìbàdàn ń jẹ àmàlà. Oorun tó ń bọ̀ yìí, mo ti ṣiṣẹ́ fún un.

Ní báyìí, ta ni kẹ́ ẹ bá?

Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti pẹ́ńṣàn wà lọ́wọ́ Títí. Owó oṣù Keje àti ti oṣù Kẹjọ ò ní pẹ́. Pẹ́ńṣàn náà kò ní pẹ́: 8% látinú owó tiyín, 10% látọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ kúrò níbí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gbowó. Mi ò fi èyí ṣeré rárá, torí ọjọ́ ogbó yín ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa lọ dúró sẹ́yìn àga Títí láti wo iye tí ẹlòmíràn ń gbà. Mo ti ní kó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọjú sógiri.

Bùrọ̀dá Gbénga ló ń bójú tó owó orí. Èyí tí a ń yọ nínú owó oṣù gbọ́dọ̀ lọ kí ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá, fáátì 7.5% tiẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 21. Bẹ́ ẹ bá rí wọn tí wọ́n ń yára rìn ní kọ́rídọ̀ láàárín ọjọ́ méjèèjì yẹn, ẹ fún wọn lọ́nà, ẹ má dá wọn dúró láti bi wọ́n léèrè bọ́ọ̀lù.

Látìgbà tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù Kínní ọdún yìí ni ẹ ti ń wá bá mi nípa owó ilé, kódà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kí ẹ̀rí ọkàn mi lè jẹ́ kí n sùn. 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún nínú owó tó kù lẹ́yìn àwọn àyọkúrò kò ní owó orí. Ẹni tó ń san owó ilé sì lẹ́tọ̀ọ́ kí a yọ 20% owó ilé náà kúrò ká tó ṣírò owó orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a máa yọ náà kò gbọdọ̀ ju 500,000 lọ. Bẹ́ ẹ bá ń san 600,000 lọ́dún, 120,000 nìyẹn. Wọn ò ní kó 120,000 lé yín lọ́wọ́ o, Alàgbà tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fi dá aṣọ ẹbí. Ẹ mú risíìtì wá fún Bùrọ̀dá Gbénga. Bí lánlọ́ọ̀dù kò bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ lọ jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ títí táá fi kọ ọ́.

Owó kékeré inú àpótí irin wà lọ́wọ́ Sístà Bíọ́lá. Sístà Bíọ́lá kì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Ìdí tí mo fi yàn wọ́n nìyẹn. Risíìtì tí wọn yóò gbà gbọ́dọ̀ ní déètì, orúkọ ẹni tó tajà, ohun tẹ́ ẹ rà àti iye rẹ̀. Bébà tí wọ́n fi wé súyà kì í ṣe risíìtì, kódà kí wọ́n kọ iye owó sí i kí epo má sì bà á jẹ́. Ẹ̀yin dírẹ́bà, mo mọ̀ pé fọ́kànáísà kì í fúnni ní ìwé. Ẹ gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ Sístà Bíọ́lá kẹ́ ẹ tó jáde, kí fọ́kànáísà fọwọ́ sí i. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má kọ “Oríṣiríṣi: 47,000” mọ́. Kí ló ń jẹ́ oríṣiríṣi? Ọjà wo ni wọ́n ti ń tà á? Ṣé Bódìjà ni àbí Dùgbẹ̀?

Ẹ má fọwọ́ kan ibi tí mo kùn ní yẹ́lò nínú fáìlì owó oṣù. Ẹnì kan pa òpó kan rẹ́ níbẹ̀ lóṣù kan, ó ní òun ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ojú ìwé kún fún #REF! látòkè délẹ̀, ọjọ́ owó sì ku ọ̀la. Nǹkan wà níbẹ̀, ẹ̀yin ará. Owó oṣù gbogbo wa ló wà níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù ni pé mi ò ní kọ ìwé sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo àsìkò yìí pé kó sanwó sí àkáǹtì kankan. Bí irú rẹ̀ bá wọlé lórúkọ mi, tí fọ́tò mi wà lára rẹ̀, tó ń kì yín ní oríkì, olè ni. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìwé tó bá wọlé lásìkò yìí, tí mo bá dé ni màá kà á, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra. Kíkọ “KÍÁKÍÁ” sórí rẹ̀ kò ní jẹ́ kó fò kọjá ti ẹlòmíràn.

Fún àwọn tó fẹ́ mọ ibi tí mo wà: màá kọ́kọ́ sùn. Lẹ́yìn náà, Ìkọ́gòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Màá ki ẹsẹ̀ kan bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ fún mi pé kí báláǹsì wọn dọ́gba. Màá gun Òkè Ìdànrè. Wọ́n ní àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Mi ò ní kà wọ́n. Lóṣù Kẹjọ, màá bá màámi lọ sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun.

Fóònù iṣẹ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì, mo sì ti tì í pa. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ màámi ní Ìwó. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbà á lè lọ. Wọn á bi yín pé ọmọ ta ni yín, wọn á fún yín ní iyán, wọn á gbàdúrà fún yín títí dé orí ọmọ ọmọ yín. Wọn ò ní fún yín ní kọ́kọ́rọ́.

Ire o,
Fọlákẹ́
Akáúntáǹtì àgbà, Ìbàdàn