Ìdí tí a kò fi gba ètò ọkọ̀ tó kéré jù lówó

Sí: Máníjà, Ẹ̀ka Ìpínkiri Ọjà, Ìbàdàn
Láti: Aṣàyẹ̀wò Ètò Ìrìnnà Ẹrù
Ọjọ́: 14 Oṣù Keje, 2025
Kókó: Kíkó fúláwà láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ bi mí lọ́jọ́ Ẹtì pé kí ló dé tí mo fi iye tó wálẹ̀ jù sílẹ̀, tí mo mú èyí tó fi ₦140,000 jù ú lọ lórí ìrìn kan. Owó fúláwà ló fà á, kì í ṣe owó mọ́tò.

Ètò olówó pọ́ọ́kú náà ni pé kí a lo tírélà tó kó ẹrù wá láti Òkè Ọya, tó ń padà lófo. ₦380,000 ni wọ́n ń gbà lórí 600 àpò. ₦520,000 ni àwọn tí mo mú ń gbà. Bí a bá pín in sórí àpò, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó ₦240. Ẹ sì mọ̀ pé ₦60,000 là ń ta àpò kan. Bí mẹ́ta péré bá bàjẹ́, ₦180,000 ti lọ nìyẹn, owó tí a lá a ṣẹ́ kù ti wọmi.

Ṣé mẹ́ta á sì bàjẹ́? Mo lọ wo méjì nínú àwọn tírélà náà ní Ojóò. Èèpo àlùbọ́sà ṣì há sáàárín pákó ilẹ̀ ọ̀kan, òórùn rẹ̀ gba gbogbo inú ọkọ̀. Wọ́n ti gbá a o, wọ́n tilẹ̀ ti fomi fọ̀ ọ́. Pákó náà ṣì tutù nígbà tí mo fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ fúláwà kì í pẹ́ fa òórùn àti omi mọ́ra. Àwọn oníbúrẹ́dì Ìlọrin kì í báni jiyàn: wọn á já àpò, wọn á gbóòórùn rẹ̀, wọn á ní ká máa kó o lọ. Èkejì ò rùn ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n tapólì rẹ̀ ti ya ní igun méjì, nínú òjò tí a wà yìí.

Wọn kì í sì í ní ọjọ́ kan pàtó. Ìgbà tí ẹrù wọn bá tán lọ́jà ni wọ́n ń wá, oníbàárà wa kò sì ní tìtorí ìyẹn pa ààrò rẹ̀.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti adójútòfò. Ìwé wa kò bo ọkọ̀ tí orúkọ ẹni tó ni ín kò bá sí nínú rẹ̀. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣubú láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwa la ó ru gbogbo ₦36,000,000.

Ní ti reluwé tí ẹ mẹ́nu bà, ti tuntun tó ti Èkó wá kò kọjá Mọ́níyà ní Ìbàdàn níbí, kò dé Ìlọrin.

Èèrí àlìkámà tí a ń tà fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ẹran yàtọ̀. Mo fara mọ́ ọn kí a fi àwọn tírélà wọ̀nyí kó o bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, lẹ́yìn tí a bá ti fi orúkọ wọn sínú ìwé adójútòfò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí ìwé ọlọ́kọ̀ tí mo mú kó tó di Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Keje. Ó ti sọ pé lẹ́yìn ọjọ́ náà, ₦520,000 yẹn kò dúró mọ́.