Owó Pé, Ìrẹsì Ò Pé

Màámi kì í ka owó lẹ́ẹ̀kan. Bó bá kà á tán, á dà á bolẹ̀, á tún un kà láti ìsàlẹ̀, kó tó di í mọ́ etí ìró. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè gbà pé ẹnikẹ́ni ló jà á lólè. Owó náà pé. Èmi náà kà á.

Oṣù kẹrin ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ àjọ yẹn. Ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ báńkì ti sú u. Ṣebí ẹ rántí ọ̀wọ́n owó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, nígbà tí wọ́n ní ká kó ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ wá. Màámi tò láti ìdájí títí di ọ̀sán, ó ní owó nínú àpò báńkì, ₦2,000 ni wọ́n kà lé e lọ́wọ́. Ó délé, ó bọ́ bàtà, ó ní, "Bọ́sẹ̀, owó tí mi ò lè rí mú lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ ẹ, kì í ṣe owó mi."

Ló bá pe Bàbá Alájọ. ₦1,000 lójoojúmọ́, ọdún kan gbáko. Ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ti alájọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èmi ni mo fi fóònù ṣírò rẹ̀: ọdún 2024 ní ọjọ́ 29 nínú oṣù kejì, nítorí náà ọjọ́ 366, a yọ 12 ti alájọ, ó ku ₦354,000. Àpò ìrẹsì kan jẹ́ ₦35,000 lọ́dọ̀ Alààjà tí a ti ń rajà. Àpò mẹ́wàá, ₦350,000. ₦4,000 tó ṣẹ́kù, ti àwọn alábàárù. Ó bọ́ síra bí ìdérí ìkòkò.

Màámi kò fẹ́ máa wọn kóńgò títí ayé. Ó fẹ́ kí àwọn oníkóńgò kéékèèké máa wá gba àpò lọ́wọ́ òun. Ó ránṣẹ́ pe káfíńtà, wọ́n kan pákó sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa ní Ọjà Ọba kí ọ̀rinrin sìmẹ́ńtì má baà ba ìrẹsì jẹ́. Ó wọn ọ́n fúnra rẹ̀: àpò márùn-ún nísàlẹ̀, márùn-ún lórí. Ó máa ń gbá pákó òfìfo náà láràárọ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, wọ́n búra fún ààrẹ tuntun, ó ní ìrànwọ́ orí epo ti lọ. A gbọ́ ọ nínú rédíò aláṣọ tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ilé epo ti ń ti géètì. Owó ọkọ̀ tí mo ń san láti Ọ̀dà wá sọ́jà di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ lójú dọ́là.

Ìrẹsì gbọ́.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí dòní ni pé Màámi rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi máká kọ iye kóńgò sára páálí tó wà lórí ìrẹsì. Ó kọ́kọ́ wà ní ₦1,150. Ó fa igi lé e, ó kọ ₦1,300. Ó tún fa igi. Nígbà tó yá, páálí kún, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ọmọ yunifásítì Fútà kan tó máa ń ra kóńgò méjì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ààbọ̀. Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó ń wo páálí náà bí ìdánwò tí kò kàwé fún.

"Màmá, ẹ̀yin náà! Ọ̀sẹ̀ tó kọjá kọ́ nìyí o."

"Ọmọ mi, kò sí nínú agbára mi. Bí mo bá tà á ní ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ni mo máa fi ra ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Ẹnu òun ló ti jáde. Àmọ́ kò rántí káàdì àjọ tó fi sínú Bíbélì rẹ̀, tí ₦1,000 oṣù kẹrin ṣì ń jẹ́ ₦1,000 níbẹ̀.

Mo sọ fún un ní oṣù kẹsàn-án. Mo ní, "Màámi, ẹ gba èyí tó wà nílẹ̀, ká fi ra èyí tó bá tó." Ó ní rárá, pé ẹni tó bá ń ṣí ìkòkò wò kò ní jẹ iṣu jíjinná. Ìyá Ìbejì tó wà níwájú wa ò dá àjọ ní tiẹ̀; gbogbo èrè rẹ̀ ló fi ń ra ẹ̀wà pamọ́. A fi í rẹ́rìn-ín nígbà tí kòkòrò wọ àpò méjì. Àwọn àpò mẹ́rin tí kòkòrò ò rí ló wá fi san owó ilé-ìwé ọmọ méjèèjì.

Bàbá Alájọ kó owó wá nínú báàgì dúdú lọ́jọ́ tó pé. Kò yọ kọ́bọ̀. Màámi kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣàdúrà fún un, ó fún un ní mínírà tútù. A gba ọ̀dọ̀ Alààjà lọ.

"Mẹ́wàá," ni Màámi wí, kó tó jókòó.

Alààjà wo báàgì náà. "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀ mọ̀ pé ₦78,000 ni láti àná?"

"Mo mọ̀."

Ó mọ̀ lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ Alààjà yìí náà ló ti ń ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, mo rí i tó ń fi ọwọ́ tẹ báàgì, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó já bọ́ síbẹ̀.

Alààjà ní kì í ṣe òun. Ó ní àwọn tó ń kó o bọ̀ láti Kébbí ń ra dísù lọ́nà, pé bí ọkọ̀ bá dé lónìí, iye tí awakọ̀ máa dá kò ní jọ ti ìjẹta. Ó fi ₦500 sílẹ̀ fún wa lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ni, ₦310,000. Ó ku ₦44,000. Alábàárù tó máa ń gba ₦400 lórí àpò kan, ₦1,000 ló dá lọ́jọ́ náà.

A tò ó sórí pákó. Mẹ́rin ò kún ìsàlẹ̀. Màámi dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ibi tó ṣẹ́kù.

Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù, Bàbá Alájọ dé pẹ̀lú káàdì tuntun àti bírò létí. Ó bá Màámi lẹ́bàá dúrọ́ọ̀mù oníke kan tó ti fọ̀ tó sì ti sá. Màámi wọn kóńgò ìrẹsì kan, ó dà á sínú rẹ̀, ó pa á dé. Ó wá mú káàdì lọ́wọ́ bàbá, ó fa igi sínú àpótí àkọ́kọ́.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

"Àjọ ni, Bàbá. Kóńgò kan lọ́jọ́ tí ọjà bá dára. Bí kò bá dára, agolo mílíìkì kan."

Bàbá ronú díẹ̀. Ó ṣí dúrọ́ọ̀mù, ó yọjú wo inú rẹ̀.

"Ọjọ́ kìíní nìyí, àbí? Ẹ bá mi wá láílọ́ọ̀nù."