Ìwé sí ẹ̀yin ará yàrá mi lórí oorun, ariwo àti iná alẹ́

Ilé-Ifẹ̀, Ọjọ́rú

Àǹtí Fúnkẹ́, Àǹtí Ṣadé, Bùsọ́lá, Títí àti Ráímótù,

Ẹ kú wàhálà ẹ̀kọ́, ẹ sì kú ìfaradà ooru. Mo lẹ ìwé yìí mọ́ ara wọ́dúróòbù kí kálukú lè kà á nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, torí ó ṣọ̀wọ́n kí àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà nílé lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni mo kéré jù nínú yàrá yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rí i bíi pé mo fẹ́ máa pàṣẹ fún yín. Tótó, ó ṣe bí òwe, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, inú Ilé-Ifẹ̀ náà la sì wà.

Ọ̀rọ̀ oorun ni mo fẹ́ sọ. A kì í sùn dáadáa mọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan. Próójẹ́ẹ̀tì Àǹtí Fúnkẹ́ ń fẹ́ òru, torí ìgbà náà ni ọkàn wọn máa ń pa pọ̀. Títí ní kíláàsì aago méje àárọ̀. Àǹtí Ṣadé máa ń jí gbàdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí Bùsọ́lá bá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ nílé ìwòsàn, ìgbà tí àwa ń jí ni òun ń wá ibi tó máa fẹ̀yìn lélẹ̀. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Àmọ́ tí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, kò sí wákàtí kan lóru tí ohun kan kì í dún tàbí tí iná kan kì í tàn nínú yàrá wa.

Oorun yìí sì wà lára ìwé tí a wá kà. Iná tó mọ́lẹ̀ gan-an lóru máa ń dín mẹlatóníìnì kù, ìyẹn èròjà inú ara tó ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti ṣú. Inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà lọ́sàn-án sí ibi tí a ti lè rí i mú lọ́jọ́ ìdánwò. Ọ̀dọ́ bíi tiwa nílò wákàtí 7 sí 9. Mo mọ̀ pé kò rọrùn ká rí mẹ́sàn-án níbí, ṣùgbọ́n a lè rí mẹ́fà tí kò já láàárín, ká fi oorun ọ̀sán díẹ̀ kún un.

Ohun tí mo dábàá nìyí: láti ọjọ́ Àìkú dé Ọjọ́bọ̀, ká pa gílóòbù àjà ní aago 11 alẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, kó di aago 12. Ẹni tó bá ṣì ń kàwé lè tan iná kékeré tí a ń sájì, kó kọjú rẹ̀ sí ara ògiri tirẹ̀. Àǹtí Fúnkẹ́, mo rò pé kí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé jẹ́ tiyín lóru títí ẹ ó fi fi próójẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹ lè máa lo iná mi, mo máa ń sájì rẹ̀ ní kíláàsì.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ súwìṣì. Iná á lọ lálẹ́, a ó sùn nínú òkùnkùn, kò ní sí ẹni tó rántí pé súwìṣì ṣì wà ní títàn. Tó bá di aago méjì òru, iná á dé, gílóòbù á ràn sójú wa, gbogbo họ́sítẹ́lì á ké “Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!”, oníkálukú á fò sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láti wá ibi tó máa ki sájà bọ̀. Ká tó padà sùn, ó ti di aago mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá sùn kẹ́yìn máa pa súwìṣì gílóòbù, yálà iná wà tàbí kò sí. Kó fi ti fáànù sílẹ̀, kí a sì ti ki àwọn sájà wa bọ ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kí a tó sùn. Nígbà tí iná bá dé, fóònù á máa sájì fúnra rẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́, àwa á sì máa sun oorun wa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí fóònù tó ń sájì má ṣe wà lábẹ́ ìrọ̀rí tàbí lábẹ́ fóòmù, nítorí ó lè gbiná. Aṣọ lílọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá aago 11, àfi tí kò bá sí iná láti àárọ̀ tí ẹnìkan sì ní ohun pàtàkì lọ́jọ́ kejì.

Ní ti ariwo, kí yàrá dákẹ́ láti aago 11 alẹ́ títí di aago 5 àárọ̀. Mo mọ̀ pé dátà òru ló dín lówó, n kò ní kí ẹnikẹ́ni pàdánù rẹ̀. Kí a máa lo iyápíìsì, kí ẹni tó bá sì fẹ́ pe ènìyàn bọ́ sí kọ́rídọ̀. Àláàmù, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ni ín pa á nígbà tó bá kọ́kọ́ dún. Ọ̀rá náà máa ń dún lóru ju bí a ṣe rò lọ, nítorí náà kí ẹni tó máa tètè jáde ti to báàgì rẹ̀ kó tó sùn, kí korobá sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Àdúrà kò sí lára ariwo tí mò ń bá wí. Kí ẹni tó ń gbàdúrà máa gbà á jẹ́jẹ́ títí aago 5 yóò fi lù. Nígbà ààwẹ̀ Ramadan, Ráímótù kò gbọdọ̀ máa yọ́ rìn bí olè nítorí sààrì nínú yàrá tirẹ̀. Kó tan iná kékeré, kó jẹun rẹ̀ ní ìrọ̀rùn, àwa ni ká fara mọ́ ọn.

Bùsọ́lá ńkọ́, tó jẹ́ pé ọ̀sán ni òru tirẹ̀? Mo dábàá pé kó so síkáàfù pupa mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nígbà tó bá dé láti ibi iṣẹ́ alẹ́. Bí a bá ti rí i níbẹ̀, kò sí orin, kò sì sí àlejò nínú yàrá títí yóò fi tú u. Àwọn àlejò wa yòókù, kí wọ́n máa lọ kí aago 10 alẹ́ tó lù.

Tí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, a lè sún iná pípa sí aago 12. Ẹni tó bá fẹ́ kà á mọ́jú lè lọ sí yàrá ìkàwé. Bí ara ẹnìkan kò bá sì yá, ká pa gbogbo òfin yìí tì ná, ká tan iná ká tọ́jú rẹ̀.

N kò fẹ́ ká máa bu owó ìtanràn lé ara wa. A jọ ń jẹun ni, a sì ń yá ara wa ní gààrí. Kí ẹni tí nǹkan bá dí lọ́wọ́ sọ pẹ̀lẹ́ pé “ẹ jọ̀ọ́, iná” tàbí “ẹ jọ̀ọ́, ohùn”, kí ẹni tí a bá wí fún má sì bínú.

Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ká wá wo èyí tí a máa yí padà. Mo ti so bírò mọ́ wọ́dúróòbù: ẹ kọ èyí tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn sí ẹ̀yìn ìwé yìí, kódà kó jẹ́ gbogbo rẹ̀. Tó bá rọrùn fún Àǹtí Fúnkẹ́, ká jókòó lé e lórí lọ́jọ́ Àìkú ní aago 8 alẹ́. Màá se ẹ̀wà.

Àbúrò yín,
Mọ́yọ̀, bẹ́ẹ̀dì òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn