Màmá Ìbejì, kí lẹ fẹ́ kí n bá yín fi àgírímẹ́ǹtì yìí ṣe?

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ọjà, ẹ kú làálàá. Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Mo gbà pé wọ́n ti sùn.

Àgírímẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù tí ẹ lẹ̀ sórí Wásáàpù mi ní aago mẹ́wàá kọjá ti dé ọwọ́ mi. Mo fi ìka fà á títí kí n tó kan ìdí rẹ̀: abala 19 gbáko, gẹ̀ẹ́sì lọ́yà látòkè délẹ̀. Mi ò rí ọ̀rọ̀ tiyín kankan ní òkè, mi ò sì rí i ní ìsàlẹ̀. Àyà mi kọ́kọ́ já, torí kì í ṣe ìwà yín láti fi nǹkan ránṣẹ́ láìkí èèyàn. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mejì, fóònù yín ti kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ lè bá a láàárọ̀.

Mo ti kà á tán lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ láìmọ ohun tí ẹ ń fẹ́ gan-an. Oníbàárà kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó fi ìwé ojú ewé mẹ́sàn-án ránṣẹ́ sí mi láìsọ nǹkan kan. Èmi rò pé kí n túmọ̀ rẹ̀ ni. Mo jókòó tì í di òru, mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ láìfi ìlà kan sílẹ̀. Àṣé ohun tí bàbá náà fẹ́ mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: nótíìsì ọjọ́ méje tí onílé lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn wọn, ọjọ́ wo ló máa pé? Ó ti ku ọjọ́ méjì péré nígbà tí a tó gbọ́ ara wa yé. Ó ṣì ń dùn mí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń béèrè kí n tó dáwọ́ lé ìwé ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń sọ sí mi lọ́kàn.

Ó lè jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí n kà á fún yín ní Yorùbá, kí Bàbá Ìbejì náà lè gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, màá fi ohùn ránṣẹ́, abala kan lẹ́yìn òmíràn, ẹ ó sì lè tẹ̀ ẹ́ gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ ti bá ejẹ́ńtì sọ̀rọ̀ tán, lẹ́tà lẹ fẹ́ kí n bá yín kọ sí i láti ní kí wọ́n yí àwọn ibì kan padà. Tàbí kẹ̀, kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí yín lọ́jọ́ tí ẹ máa fọwọ́ sí i. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ kàn ní kí n bá yín tọ́jú rẹ̀ torí fóònù yín ń ṣe ségesège, mo ti tọ́jú rẹ̀.

Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ni pé bóyá ẹ ti fọwọ́ sí i, ẹ ti san owó, nǹkan sì ti dàrú láàárín ẹ̀yin àti onílé. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ má dúró ka ìyókù lẹ́tà yìí, ẹ pè mí ní kíákíá.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wò ó, mi ò rò pé ẹ ti fọwọ́ sí i. Orúkọ yín wà lókè, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n kọ pé ẹ máa kó wọlé, ibi ìfọwọ́sí sì ṣófo. Lójú tèmi, ohun tí ẹ ń béèrè ni pé: ṣé kí n fọwọ́ sí ìwé yìí àbí kí n má fọwọ́ sí i? Òun ni mo dì mú, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Torí pé mo rò pé òun ni, mi ò lè sùn láìsọ ohun mẹ́ta tó kọ mí lóminú. Abala kẹta ní ọdún kan ni ẹ gba ṣọ́ọ̀bù náà fún. Abala kẹrin ní kí ẹ san owó ọdún méjì, ₦1,200,000, kí wọ́n tó fún yín ní kọ́kọ́rọ́. Òfin ìyálégbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, kò gbà kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó gbà á jẹ̀bi, ẹni tó san án náà jẹ̀bi: ₦100,000 ni owó ìtanràn rẹ̀, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Àpápá, Ìkòyí, Jíárẹ́ẹ̀ Ìkẹjà àti Fikitóríà Áílándì ni òfin náà yọ sílẹ̀. Kò yọ Mùṣin tí ṣọ́ọ̀bù náà wà.

Abala kejìlá ní bí owó bá fi ọjọ́ 14 pẹ́, onílé lè fi àgádágodo tirẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù náà pa pẹ̀lú ọjà yín nínú. Wọ́n ò dárúkọ kóòtù rárá. Òfin kan náà ló sọ pé ẹni tó bá fi ipá lé ayálégbé jáde ti dẹ́ṣẹ̀.

Èyí tó fi ara pamọ́ jù ni abala keje. Nótíìsì oṣù kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síbẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni òfin fún ayálégbé ọlọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ìgbà tí àgírímẹ́ǹtì ò bá sọ nǹkan kan nípa nótíìsì ni oṣù mẹ́fà yẹn ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí oṣù kan, oṣù kan náà ni wọ́n máa nà sí yín lójú. Ẹ wo gbogbo ànkárá tó wà lórí igbá yín, ẹ wo àwọn oníbàárà tó ti mọ ojú ibẹ̀. Ṣé oṣù kan á tó yín láti wá ibòmíràn?

Ẹ jọ̀ọ́, títí a ó fi sọ̀rọ̀, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan, ẹ má sì jẹ́ kí ejẹ́ńtì fi "àwọn míì ń bọ̀ wá san án" lé yín léré. Owó èésú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó, ẹ jẹ́ kó wà ní báńkì. Ẹ má sì lẹ ìwé náà sí gúrúùpù àwọn ẹbí wa, nítorí nọ́ńbà fóònù yín àti àdírẹ́sì ilé yín wà ní abala kìíní.

Kóòtù ni mo máa wà ní Ìkẹjà láàárọ̀ ọ̀la, aago kan ọ̀sán ni mo máa bọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ fífọwọ́ sí tàbí àìfọwọ́ sí ni, ẹ kàn kọ "bẹ́ẹ̀ ni" ránṣẹ́, màá ti kọ àwọn àtúnṣe tó yẹ kí ẹ gbé fún ejẹ́ńtì sílẹ̀ kó tó di alẹ́. Bí mo bá ṣì í, ẹ fi ohùn sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ fún mi. Ẹ bá mi fi kún un bóyá ẹ ti san kọ́bọ̀ kankan, ìbáà ṣe owó fọ́ọ̀mù.

Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì. Ó dàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi.