Lẹ́tà sí Bàbá mi ní Ṣágámù

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ 17, oṣù kọkànlá, 2024.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ọjà. Màmá sọ fún mi pé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti ń fúyẹ́, inú mi dùn sí i gan-an ni.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò pè lórí fóònù. Mo pè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pè yín láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yìí. Ẹ béèrè bóyá mo ti jẹun, ẹ béèrè iṣẹ́ mi, ẹ ní ọjà kò yá. Lẹ́yìn náà la dákẹ́, tí kálukú ń retí kí ẹnì kejì dágbére. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Mo kọ ọ́ gàdàgbà kí ẹ lè fi awò yín kà á fúnra yín, kí ẹ má baà fún Tọ́lá pé kó kà á sí yín létí. Ọ̀rọ̀ èmi àtẹ̀yin ni.

Bàbá, ẹ ò wá síbi ìgboyè mi.

Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì sọ gbólóhùn yẹn sí yín létí. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá. Àga mẹ́ta ni mo gbà sílẹ̀ lábẹ́ kánópì, Màmá jókòó lọ́tùn-ún, Bùọ̀dá Ìjẹ̀bú-Òde jókòó lósì, tiyín wà láàárín. Màmá gbé báàgì rẹ̀ lé e. Gbogbo ẹni tó bá wá béèrè bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀, Màmá á ní, "Bàbá ọmọ ń bọ̀ lọ́nà." Mo ń wò wọ́n láti ibi tí wọ́n to àwa tí a ń gboyè sí. Nígbà tí oòrùn ti kan àtàrí, bàbá arúgbó kan tí a ò mọ̀ rí dé, ó fi igi rìn, Màmá sì rọra gbé báàgì rẹ̀ kúrò. Àṣé kò retí yín mọ́. Bàbá náà wà nínú fọ́tò mi báyìí. Àárín Màmá àti Bùọ̀dá ló jókòó sí, ó fọwọ́ lérán, ó ń wo ibòmíràn.

Mo pe fóònù yín títí, kò wọlé. Mo ti ń rò ó pé bóyá ọkọ̀ dánu dúró sójú ọ̀nà tàbí pé nǹkan kan ṣe yín. Inú gáùn yẹn ni mo ti ń gbàdúrà. Alẹ́ ni mo tó gbọ́ pé ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàbó láti òwúrọ̀, pé obì lẹ̀ ń ṣà.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ ò ní lè wá, á dùn mí, ṣùgbọ́n ǹ bá ti mọ ibi tí mo dúró sí. Ẹ ní ẹ ń bọ̀. Ẹ gba àǹkárá tí mo rà, ẹ fowó ara yín gbé e fún télọ̀. Màmá ní ó ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá yín, òwú télọ̀ sì wà létí ọrùn rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ wá kì í rán aṣọ. Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn, Bàbá. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí ẹ gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀ àti òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àǹtí Màkún wá bá mi níbí. Ó mú àpòòwé kan wá, ó ní ₦50,000 ló wà níbẹ̀, pé ẹ ní kí n fi ra ohun tó bá wù mí. Mo ní kí ni Bàbá sọ? Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí bàbá ẹ wá kúnlẹ̀ fún ẹ ni? Gba owó, kó o panu mọ́." Mo gbà á, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo se oúnjẹ fún un, ó lọ. Àpòòwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, mi ò tíì ya á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé mo fojú tẹ́ńbẹ́lú owó yín, mo mọ iye obì tí ẹ máa tà kí ẹ tó rí ₦50,000 yọ sọ́tọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó dà bíi pé tí mo bá ná an, a ti parí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, láìjẹ́ pé a sọ ọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò, bó bá jẹ́ pé mo ṣì í, kí ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ni. Ẹ̀yin lẹ san ọdún méjì àkọ́kọ́, láti 2018, ẹ kò jẹ́ kó pẹ́ rí. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, tí ìjọba sé ìpínlẹ̀ Ògùn mọ́lé, obì ti kún ilé. Ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí Kánò kò rìn. Mo wà níbẹ̀, Bàbá. Mo rántí bí a ṣe ń tú apẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, tí ẹ ń gbé obì sókè síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, tí ẹ ń fi èékánná wá ihò kòkòrò. Gbàǹja ni ó pọ̀ jù. Lọ́jọ́ tí a tú apẹ̀rẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ kò ṣà á mọ́, ẹ kàn fi ewé bò ó padà, ẹ lọ jókòó síta. Láti ìgbà náà Bùọ̀dá, ẹ̀gbọ́n Màmá, ló san ìyókù. Ẹ kò sọ̀rọ̀ nípa ọdún yẹn rí, àwa náà ò sì bi yín.

Bùọ̀dá ṣeun. Mi ò lè gbàgbé oore rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ìgboyè, nígbà tó pe Màmá, tí fóònù sì ń sọ̀rọ̀ síta, tó ní, "Ọmọ tí mo rán níwèé fẹ́ẹ́ gboyè, kí ẹnikẹ́ni má wá fi àgbàdá bo iṣẹ́ mi o." Ẹ̀yin wà ní kọ́rídọ̀. Mo rí ìsàlẹ̀ ṣòkòtò yín lábẹ́ kọ́tìnì. Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Mo kàn rẹ́rìn-ín, mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ ṣeun."

Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Èmi ni mo kọ ìwé ìpè tí a tẹ̀. Orúkọ Bùọ̀dá ni mo fi ṣáájú, mo fi tiyín sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ti Màmá. Mo sọ fún ara mi nígbà náà pé nítorí pé ó sanwó ìtẹ̀wé ni. Irọ́ ni. Inú ń bí mi sí yín díẹ̀, pé láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ owó ti dé, ẹ kò béèrè ìdánwò mi mọ́, ẹ kò béèrè èsì. Mo fẹ́ kí ẹ rí i. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ bàbá mi, mo fi orúkọ yín sí ìdí ìwé níwájú gbogbo ẹbí Rẹ́mọ. Kò tọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ forí jì mí.

Mo tọrọ àforíjì yẹn nítorí pé ó tọ́ kí n tọrọ rẹ̀, kì í ṣe kí ẹ̀yin náà lè dá tiyín padà. Ohun tí mo ṣe ni mo sọ. Ohun tí ẹ̀yin ṣe náà dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, mi ò lè sọ pé kò dùn mí mọ́ nítorí pé mo jẹ̀bi níbì kan.

Ohun tó jẹ́ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ìṣirò owó. Ẹ gbàgbé ìwé aláwọ̀ búlúù tí ẹ ń kọ gbèsè sí? Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo wà tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ kọ́ mi pé kí n kọ ọjọ́, kí n kọ iye apẹ̀rẹ̀, kí n kọ ohun tó san àti ohun tó kù, kí n sì jẹ́ kí onígbèsè fúnra rẹ̀ wò ó. Nígbà tí àwọn olùkọ́ wa yanṣẹ́ lódì ní 2022, tí a jókòó sílé oṣù mẹ́jọ, ṣọ́ọ̀bù yín ni mo wà. A jọ ń bó obì, a jọ ń ṣà á, ẹ máa ń bọ́ awẹ́ àbàtà kan fún mi lọ́sàn-án, ẹ ní kí n rọra jẹ ẹ́ kí oorun má baà gbé mi. Ẹ kò mọ̀ pé oṣù mẹ́jọ yẹn ló dùn jù fún mi nínú gbogbo ọdún tí mo fi wà ní yunifásítì. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ní ìmọ̀ ìṣirò owó, ẹ̀yin ni mo fojú wá. Bàbá arúgbó tó jókòó ní àyè yín ló pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mi ò ní kí ẹ wá bẹ̀ mí. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mi ò sì fẹ́ kí a pe ẹbí jókòó, kí àwọn àgbà pín ẹ̀bi, kí wọ́n sì ní kí a dìde dì mọ́ra. Mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi, bí ẹ ṣe máa ń sọ iye obì tó bàjẹ́ láìfi bò, ohun tó wà lọ́kàn yín lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ ìtìjú ni, ẹ sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ìbínú sí mi ni, ẹ sọ ọ́, mo lè gbà á. Bó bá jẹ́ pé ohun mìíràn ni tí mi ò mọ̀ rárá, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ jù. Mi ò ní já yín lẹ́nu. Tí ẹ bá parí, kí ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi tán, kí ẹ má dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹ ṣe máa ń ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 1 oṣù kejìlá, ni mo ń bọ̀. Màmá á wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì títí di aago mẹ́rin, ṣọ́ọ̀bù yín á sì wà ní títì. Ẹ jẹ́ kí a pàdé níbẹ̀. Tí a bá ti ilẹ̀kùn iwájú, kò sẹ́ni tó máa yà wá wò. Màá se ìkọ́kọrẹ́ dání láti ibí, ewùrà tó dáa ti wà lọ́jà, màá gbé ẹ̀bà tútù sí i bí ẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Màá mú àpòòwé náà dání. Màá mú fọ́tò náà náà.

Tí ọjọ́ yẹn kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ pè mí kí ẹ dá ọjọ́ mìíràn. Ẹ ṣáà pè mí fúnra yín, kí ẹ má rán Àǹtí.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́