Kóró Kajú Méjì Lọ́wọ́ Mi

Ìpàdé àwọn oníṣòwò, Kàbà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Okun o. Ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ẹ wo kóró kajú méjì yìí. (Gbé wọn sókè, kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn náà rí i.) Bákan náà ni wọ́n rí níta. Mo ti là wọ́n láti ilé, rọ́bà ni mo fi dè wọ́n. (Tú rọ́bà.) Ọ̀kan funfun bí ehín ọmọdé. Èkejì ti dúdú, ó ti jẹrà.

Bàbá mi ta àpò mẹ́rìnlá láìmọ èwo ló wà nínú wọn. Ẹni tó fẹ́ rà á ló mú ọ̀bẹ dání, òun náà ló dárúkọ iye.

Fúnkẹ́ lorúkọ mi, ọmọ Ìyàrá. Ọ̀bẹ yẹn ni mo ń fi lé àgbẹ̀ lọ́wọ́, kí ó lè mọ inú ọjà rẹ̀ kí alágbàtà tó dé. Ta lẹ mọ̀ tó ń kó kajú jọ tí kò là á wò rí?

Ibẹ̀ ni mo máa dákẹ́ sí. Alámòójútó ọjà ni mí, mo ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ ọ̀kankan nínú wọn. Ẹni ogún ló máa sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, orúkọ iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn máa kà. Ohun tí ènìyàn bá fojú ara rẹ̀ rí ló ń bá a délé. Mo ti kà á síta nígbà mẹ́fà, mo sì fi fóònù ka àkókò rẹ̀. Bí mo bá fara balẹ̀ tú rọ́bà náà, ó ń wọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá géérégé.

Bí ẹnì kan bá wá bá mi lẹ́yìn náà tó ní, "Fúnkẹ́, kí ló gbé ọ dé ìdí kajú?"

Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Lọ́jọ́ tí alágbàtà yẹn wá sílé wa, inú àpò kan ṣoṣo ló ti fa kóró jáde, àpò tí òjò ti wọ̀ nísàlẹ̀. Kóró mẹ́wàá péré ló là. Mẹ́rin dúdú. Ló bá mi orí, ó ní gbogbo àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ló rí bẹ́ẹ̀, ó sì já owó wọn wálẹ̀. Bàbá mi wò ó títí, wọ́n gbà, nítorí owó ilé ìwé àbúrò mi ti délẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ lọ tán, mo ṣa àwọn kóró tó jábọ́ nílẹ̀ láti inú àwọn àpò yòókù, mo fi ọ̀bẹ ìdáná là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Funfun, funfun, funfun. N kò mọ̀ nígbà náà pé oje èèpo kajú ń jó ènìyàn lára. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìka mi fi ń bó. Bàbá mi ló ń fi epo pupa pa á fún mi láràárọ̀, wọn kò sì bi mí pé kí ni mo rí. N kò sọ fún wọn.

(Bí mo bá dé ibí yìí tí ohùn mi fẹ́ yí padà, kí n jẹ́ kó yí. N kò purọ́.)

Bí ó bá jẹ́ ẹni tó mọ ìṣirò, tó ní, "Báwo lo ṣe ń mọ ohun tó wà nínú àpò?"

Mo máa ń fa kóró jáde lókè, láàárín àti nísàlẹ̀ àpò, láti inú àpò púpọ̀. Mo pò wọ́n mọ́ra, mo wọn kílò kan, mo ka iye kóró tó wà nínú rẹ̀. Bí kóró inú kílò kan bá ṣe kéré níye tó ni wọ́n ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn náà ni mo máa là gbogbo rẹ̀ pátá, n kì í mú mẹ́wàá. Èyí tó dára lọ sọ́tọ̀, èyí tó lábàwọ́n lọ sọ́tọ̀, èyí tó jẹrà àti èyí tó ṣófo kò wọ ìṣirò. Mo wọn èyí tó dára, mo fi ìdajì ìwọ̀n èyí tó lábàwọ́n kún un. Ká ní ó jẹ́ gíráàmù 270. Nínú àpò kílò 80, ìyẹn jẹ́ kílò 21.6, tí í ṣe pọ́ùn 47.6. Iye pọ́ùn yẹn ni àwọn tó ń kó kajú wa lọ sí Fiẹtinámù àti Íńdíà máa ń bèèrè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ owó. Àgbẹ̀ tó bá ti kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n tó dé, òun náà ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Bí ó bá jẹ́ àgbà, mo máa kúnlẹ̀ kí wọn ná, n kò sì ní mú nọ́ńbà wá rárá:

Okun o, bàbá. Ọmọ yín láti Ìyàrá ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń dáko lọ́dọ̀ yín pé kí wọ́n jẹ́ kí kajú fúnra rẹ̀ já bọ́, kí wọ́n má fi ọ̀pá gbọ̀n ọ́n lórí igi. Kí wọ́n sá a dáadáa kí wọ́n tó dì í, kí wọ́n sì dì í sínú àpò ọ̀gbọ̀, kì í ṣe ọ̀rá. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n wá là á níṣojú wọn, màá wá. Mo ní alùpùpù.

Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń ra ọjà rẹpẹtẹ:

Ọ̀gá, kì í ṣe ìjà ni mo bá yín jà. Àpò tí mo bá là, a máa ń kọ iye rẹ̀ sára rẹ̀. Ẹ wá là á lẹ́ẹ̀kejì níṣojú wa. Bí tiyín bá yàtọ̀ sí tiwa, a ó jọ là á lẹ́ẹ̀kẹta.

Bí a bá pàdé nídìí oúnjẹ, tí abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò lè dúró pẹ́:

Èmi ni mo mú kóró méjì yẹn wá. Ẹ gba èyí tó funfun yìí, ẹ má fi sẹ́nu o, kò tíì yan. Oko ta ni kí n wá lọ́jọ́ Sátidé?